Àwọn Tí Kò Sí Lára Pósítà

Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Olùwòran Ṣakí. Kì í ṣe iṣẹ́ tó lówó nínú, kì í sì í ṣe oyè. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju kí n kọ lẹ́tà ìpè lóṣooṣù, kí n tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn ará ìlú, kí n sì rí i pé ó dé ọwọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti bẹ̀ mí títí pé kí n máa fi í sórí Wasáàpù. Mo gbìyànjú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Láàárín àdúrà Jímọ̀, fọ́tò ọmọ tuntun àti ìkìlọ̀ pé ká má jẹ ẹ̀pà lálẹ́, lẹ́tà mi rì, a ò rí i mọ́. Èèyàn mẹ́rin ló wá lóṣù yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì rò pé ìpàdé àwọn oníṣu ni. Láti ìgbà náà, bébà ni mò ń lò, ẹni tí kò bá wù kó lọ pe ẹjọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lẹ́yìn tí a bá wo fíìmù oṣù kan tán, ẹnikẹ́ni nínú wa lè dábàá kókó tí a óò fi ṣe ti oṣù tó ń bọ̀: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ó lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. A óò dìbò. Èyí tó bá wọlé, èmi àti alága la óò wá fíìmù tó bá a mu, a óò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nítorí pé fíìmù olóhun la ń wò, a kì í ṣe olè. Tí àyè bá ti dé, mo gbọ́dọ̀ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí lẹ́tà tó jáde. Nínú lẹ́tà, lábẹ́ ibi tí mo ń pè ní Àkíyèsí, ni mo ti ń sọ ohunkóhun tó lè da ọmọ ẹgbẹ́ láàmú níbẹ̀. Lóṣù tí mo gbàgbé láti sọ pé wọ́n pa ajá nínú fíìmù kan, ọdẹ mẹ́ta dìde, wọ́n sì lọ sílé. Bàbá tèmi fúnra ẹ̀, Ọdẹ́bọ̀dé, wà nínú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ràsáàkì, télọ̀ tó ń ránṣọ nítòsí gáréèjì, ni ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ọkùnrin náà ga, ohùn ẹ̀ wúwo, ó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn bíi pé ó ń fi téèpù wọn aṣọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, tí òun ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, òun ṣe fíìmù. A bi í pé kí lorúkọ fíìmù. Ó ní *Àlejò Ọjọ́ Kẹta*. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. A bi í pé ipa wo ló kó. Ó ní òun ṣọ́ géètì. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa ti ń pè é ní Òṣèré, ìyẹn kì í sì í ṣe ìyìn.

Kókó kan ṣoṣo ló máa ń dábàá: Àwọn Tí Kò Sí Lára Pósítà. Ó ní ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ àwọn olórí eré, ṣé ẹni tó gbé omi wọlé kì í ṣe èèyàn ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a lábàá, ẹ̀ẹ̀mẹta la fi ìbò dà á nù. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, alága bi wá pé kókó wo là ń mú, kò sẹ́ni tó dábàá nǹkan míì. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Inú bí mi sí wa lọ́jọ́ yẹn, mo sì ka ara mi mọ́ wọn.

Fíìmù náà ò sí ní Ṣakí. Kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àwo nílùú Ìsẹ́yìn náà. Alága wa, Alàgbà Àdìgún, tó ti jẹ́ wolé-wolé ní káńsù rí, ló ṣàwárí pé ẹni tó ṣe é ti kú, àmọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin, Faith, wà n'Íbàdàn, ó sì ti kó gbogbo téèpù bàbá ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo pè é. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun á fún wa láyè, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́: ẹ̀ẹ̀kan péré la ó wò ó, ní gbọ̀ngàn wa ní Ṣakí, ní Sátidé tó parí oṣù Kọkànlá. Ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá nìkan ló lè wò ó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, iléeṣẹ́ tó ra gbogbo iṣẹ́ bàbá òun ló ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu òun mọ́.

Èmi àti Samsudeen la jọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Samsudeen ló ń bá ìlú wa ṣe iná mànàmáná, òun náà ló sì ń tọ́jú purojẹ́kítọ̀ ẹgbẹ́. Ó fẹ́ mọ bí àwòrán náà ṣe dúdú tó, kó lè mọ bó ṣe máa ṣètò iná. Nígbà tí eré ti ń lọ sí ìdajì, géètì kan ṣí, Ràsáàkì sì jáde. Ó tinrin, irun wà lórí ẹ̀, àmọ́ òun ni. Àlejò béèrè ọ̀gá. Ràsáàkì lanu, ohùn tó jáde sì dà bíi ti ọmọ tí imú ẹ̀ dí.

Samsudeen wò mí. "Akọ̀wé, ìyẹn kì í ṣe ohùn wọn."

Mo pe Faith. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ba ohùn ọjọ́ yẹn jẹ́, bàbá òun sì ní kí wọ́n fi ohùn àwọn tó wà nítòsí rọ́pò ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to eré náà pọ̀. Ràsáàkì ti padà sí Ṣakí nígbà náà, wọn ò ránṣẹ́ pè é. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ lẹ́tà mi báyìí:

*Sí gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Olùwòran Ṣakí. A fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi fíìmù oṣù Kọkànlá. Kókó: Àwọn Tí Kò Sí Lára Pósítà, tí olóògbé Ràsáàkì dábàá. Fíìmù: Àlejò Ọjọ́ Kẹta, ní èdè Yorùbá, ó gùn tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ibi: gbọ̀ngàn wa. Ọjọ́: Sátidé tó parí oṣù, lẹ́yìn ìrun ìṣáì. A kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú àlejò kan wá, kó sì ti fi orúkọ ẹni náà tó mi létí ṣáájú ọjọ́ Wẹ́sìdeè nítorí àga. Ẹni tó ni ín ti fún wa láyè ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ pa fóònù yín. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ máa ṣọ́ àwọn tí kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Lẹ́yìn eré, kálukú yóò sọ ohun kan tó rí kí ẹnikẹ́ni tó sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Àkíyèsí: ohùn fíìmù náà kò já gaara tán. Èmi ni tiyín, Mosúnmọ́lá, akọ̀wé.*

Mo fọwọ́ ara mi gbé ẹ̀dà kan lọ fún ìyàwó olóògbé, Àwáwù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Muhydeen. Mo bá a ní pálọ̀, ó wọ aṣọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ó gba lẹ́tà, ó sì rọra kà á tán.

"Akọ̀wé, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ó ní. "Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè wá."

Mi ò mọ̀. Ní ilé tiwa, ilé ọdẹ, tí ogójì ọjọ́ bá ti pé, opó ti lè jáde. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo. Ó ṣàlàyé fún mi láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin Mùsùlùmí fi ń ṣe opó nínú ilé ọkọ ẹ̀, kì í sì í jáde lálẹ́ lọ síbi ìwòran. Tòun ò tíì dé ìdajì dáadáa. Mo ti ń gbé àárín àwọn Mùsùlùmí láti ìgbà tí mo ti dáyé, mo ti jẹ ẹran iléyá wọn títí, mi ò mọ ìyẹn. Ojú tì mí gan-an.

"Ṣé ẹ lè bá mi tẹ́tí sí i?" ó ní. "Tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ bá mi tẹ́tí sí ohùn wọn. Fọ́tò wọn wà, òun ló wà lára ògiri yẹn. Ohùn wọn ni mi ò ní. Fóònù wọn ti kú kí àwọn gan-an tó kú. Nígbà míì tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gbìyànjú láti rántí bí wọ́n ṣe máa ń pè mí, ó ti ń lọ lọ́wọ́ mi. Ohùn yẹn ṣáá ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mi ò sọ fún un pé wọ́n ti rọ́pò ohùn náà. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì dìde. Lójú ọ̀nà, ohun méjì ló ń jà nínú mi: obìnrin yìí gbọ́dọ̀ wo fíìmù náà, tó bá sì wò ó, ohun tó ń wá ò sí níbẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ alága lọ tààrà, mo ní ká gbé ìwòran náà lọ sílé olóògbé. Alàgbà Àdìgún bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Akọ̀wé, gbọ̀ngàn lọmọ yẹn kọ síwèé. Ẹ tún fẹ́ gbé e síta, kí gbogbo àdúgbò wá dúró wò ó? Ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò wọn ló fún láyè."

"Kì í ṣe ìta, sà. Àgbàlá ni. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní. Mo máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo wa, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ó ń padà sílé nìyẹn."

"Òfin wa sọ pé tí a bá yí ibi ìpàdé padà, lẹ́tà tuntun gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwọn kan wà ní Otu, àwọn kan wà l'Ókèhò."

"Ta ló ń kọ lẹ́tà náà, sà? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó wọ awò ojú ẹ̀ padà. Ó ní kí n lọ gba ẹnu ẹni tó ni fíìmù, kí n sì gba ẹnu ẹbí olóògbé, tí méjèèjì bá ti gbà, òun ò ní lè dá mi dúró. Faith gbà kíá, ó sì tún ìwé àyè náà kọ pẹ̀lú ibi tuntun. Kàdírì, àbúrò olóògbé, lọ bi àlùfáà àdúgbò wọn. Ìdáhùn àlùfáà ò gùn: kí obìnrin náà jókòó sínú yàrá ẹ̀, kó wo ohun tó bá fẹ́ wò látojú fèrèsé, kí àwọn obìnrin jókòó sí ìhà ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò jáde, àwọn èèyàn ló wá bá a.

Ó wá ku lẹ́tà kejì. Mo yí ibi ìpàdé padà, ìyẹn ò le. Nígbà tí mo dé ibi Àkíyèsí, ọwọ́ mi dúró. Mo lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohùn tí kò já gaara tán, kì í ṣe irọ́. Ó ṣeé ṣe kí Ìyá Muhydeen gbọ́ ohùn yẹn kó sì rò pé ìgbà ọ̀dọ́ ló fà á, kó gbà á, kó sùn dáadáa. Bóyá àánú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè wá wòran gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a pè é wá wò, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń kọ lẹ́tà fún? Mo tẹ̀ ẹ́: *Ojú àti ìrìn olóògbé Ràsáàkì lẹ óò rí. Ohùn tí ẹ óò gbọ́ kì í ṣe ohùn wọn. Wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀.*

Ọwọ́ Ìyá Muhydeen ni mo kọ́kọ́ fi sí. Ó kà á, ó sì dúró níbi ìlà yẹn pẹ́.

"Ta wá lẹni tó ni ohùn náà?"

"Wọn ò rántí orúkọ ẹ̀, mà."

Ó ká lẹ́tà náà, ó tún un ká, títí tó fi kéré lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dùn mí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún.

"Ìrìn ńkọ́?" ó ní.

"Ìrìn wọn ni. Wọ́n ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Igi ló ya lù wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé." Ó gbójú sókè. "Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi."

Ọjọ́ pé. Samsudeen ti dé àgbàlá kí oòrùn tó wọ̀. Ó na aṣọ funfun mọ́ ògiri, ó fi okùn fà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà máa fẹ́ ojú òṣèré síwá sẹ́yìn. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé aládùúgbò, ó fa wáyà gígùn wá, torí ariwo ẹ̀rọ ló ba ohùn jẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, kò gbọdọ̀ tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó nu ojú purojẹ́kítọ̀ nítorí eruku, ó sì fi aṣọ bò ó títí a fi kírun tán. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan láàárín àdúgbò fẹ́ wọlé, wọ́n ní ṣé mo ti wá di aṣọ́géètì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dá wọn padà.

Alága sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sọ ẹni tó ṣe fíìmù náà àti ìdí tí a fi mú kókó yìí, kò sì sọ bó ṣe parí, nítorí pé èèwọ̀ wa nìyẹn. Samsudeen tan ẹ̀rọ. Fíìmù náà ò burú. Ọkùnrin kan wá gba gbèsè nílé olówó, olówó sì ń sá fún un. Nígbà tí géètì ṣí tí Ràsáàkì jáde, tó ń fa ẹsẹ̀ òsì, ẹnì kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Òṣèré." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohùn tín-ín-rín yẹn jáde, ó sọ tiẹ̀ tán, géètì tì. Mo wo ojú fèrèsé. Àwáwù ò mira.

Lẹ́yìn eré, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kálukú rí. Ará Òkèhò kan ní òun rí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Samsudeen rí òjìji kámẹ́rà lára mọ́tò olówó. Waheedat, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní òun rí i pé aṣọ́géètì nìkan ló wo ojú àlejò nígbà tó ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yí ká títí tó fi dé ìhà fèrèsé. Kò pọn dandan kí àlejò sọ̀rọ̀. Alága ti fẹ́ fò ó kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Muhydeen ní, "ṣé ẹ lè fi ibẹ̀ yẹn hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i? Kí ẹ pa ohùn ẹ̀."

Alága wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Faith kọ. Mo ní ìjíròrò ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí a bá padà síbi kan láti jíròrò ẹ̀, a ò tíì wo fíìmù lẹ́ẹ̀mejì. Ó mi orí pé òun gbà. Samsudeen dá a padà, ó sì pa sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ nìkan la ń gbọ́ lókèèrè.

"Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí," ó ní látinú òkùnkùn yàrá. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n ṣe àlejò. Màá ru báàfù omi mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán."

Géètì ṣí lára aṣọ funfun. Ràsáàkì jáde, ó ń fa ẹsẹ̀. Ó dúró, ó wo ojú àlejò, ó lanu. Ohùn Àwáwù sì jáde látojú fèrèsé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wúwo, ó ń fà á gùn gẹ́lẹ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń fà á, ẹnu tó ń mì lára ògiri sì bá ọ̀rọ̀ náà mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

"Ọ̀gá ò sí nílé. Ẹ jókòó dè wọ́n. Wọn ò ní í pẹ́ dé."

Géètì tì. Samsudeen pa ẹ̀rọ. Àsìkò tó kí alága pa ìpàdé dé, kò sì pa á dé. Èmi ni mo ń kọ ohun tó ń lọ sínú ìwé ẹgbẹ́, mi ò rí nǹkan kan kọ. Aṣọ funfun ti ṣófo lára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde lórí àga.